Ọmọ Tí Ó Gbọ́n Nígbà Tí Ó Dá Wà: Kí Ni Ojú Ẹgbẹ́ Ń Ṣe Sí Ọpọlọ Rẹ̀?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ óò ti rí irú ọmọ yìí rí. Ọmọ ọdún 15 ni. Bí ẹ bá fi owó ọjà lé e lọ́wọ́, yóò kà á pé. Bí ẹ bá rán òun nìkan sí òdìkejì títì, yóò dúró, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kí ó tó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dúró tì í: ọmọ kan náà ni yóò sáré gba iwájú tírélà kọjá, tí yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ní òun kò mọ̀. Àwa àgbà a sì sọ pé irọ́ ni ó ń pa, tàbí pé ẹgbẹ́ búburú ni ó ń kó.

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà má purọ́. Ní Yunifásítì Temple, ní ìlú Filadẹ́fíà ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Laurence Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọdún púpọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2005, òun àti Margo Gardner kó ènìyàn 306 jọ. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ọdún 13 sí 16, àwọn kan jẹ́ ọmọ ọdún 18 sí 22, àwọn yòókù sì ti pé ọdún 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú kọ̀mpútà ni, kí ẹnikẹ́ni má baà fara pa.

Ẹ wo bí eré náà ti rí. Ọkọ̀ ń lọ, iná ojú títì sì di yẹ́lò. Ẹni tí ó ń ṣeré mọ̀ pé láìpẹ́ iná náà yóò di pupa, àti pé ògiri kan lè yọ síwájú ọkọ̀ lójijì. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ sí i ni máàkì ń pọ̀ sí i. Bí ó bá kọlu ògiri, máàkì ti ṣòfò. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò ju ìgbà tí yóò tẹ bírékì lọ. Àwọn kan dá ṣe é. Àwọn mìíràn ṣe é níwájú ẹgbẹ́ wọn méjì, tí wọ́n lè máa gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ewu tí àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 dáwọ́ lé tó ìlọ́po méjì èyí tí irú wọn dáwọ́ lé nígbà tí wọ́n dá wà. Ti àwọn ọmọ ọdún 18 sí 22 fi ìdajì lé sí i. Ní ti àwọn àgbà, bí ẹgbẹ́ wà, bí ẹgbẹ́ kò sí, ọ̀kan náà ni.

Ní ọdún 2011, Jason Chein àti Steinberg wá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú orí. Wọ́n ní kí ẹni tí ó ń ṣeré dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ ńlá kan tí ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán ọpọlọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, oríta 20 ni ọkọ̀ yóò kọjá, ẹni tí ó bá sì tètè dé òpin yóò gba owó. Bí ó bá dúró níbi iná, yóò pàdánù àkókò díẹ̀. Bí ó bá já iná tí kò sí ohun tí ó ṣe é, ó jèrè. Bí ó bá kọlu ọkọ̀ mìíràn, àkókò tí yóò pàdánù ju ti ẹni tí ó dúró lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wà ní yàrá mìíràn, wọ́n ń wò ó, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń wò òun.

Nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò wọ́n, àwọn ọ̀dọ́langba wakọ̀ bí àgbà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ ń wò wọ́n, wọ́n já iná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkọlù wọn sì pọ̀ sí i. Àwòrán ọpọlọ ni ó wá sọ ìdí rẹ̀. Apá ọpọlọ tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí wa ni ó ń kó wa níjàánu, tí ó ń bá wa wọn èrè àti òfò. Apá yìí kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi kọjá ogún ọdún dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, ibì kékeré kan wà tí ń ta kìjí bí a bá rí ohun dídùn: owó, oúnjẹ, ìyìn. Láti ìgbà ìbàlágà ni ibẹ̀ ti máa ń mú hánhán. Bí ọ̀rẹ́ bá ń wo ọ̀dọ́langba, ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ti ìgbà tí ó dá wà lọ. Nínú orí àgbà, kò sí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ náà kò di òmùgọ̀. Bí ara bá balẹ̀, ọmọ ọdún 16 lè ronú ọ̀ràn já fẹ́rẹ̀ẹ́ bí àgbà. Ó mọ ewu náà, ó tilẹ̀ lè kà á fún yín lórí. Èrè ni ó dùn jù lójú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Nítorí náà ni ìwàásù lórí ewu kì í fi í ṣiṣẹ́ tó bí a ti rò. Ní ti ẹgbẹ́ búburú tí a máa ń pariwo, àwọn ọ̀rẹ́ tí ó wà ní yàrá kejì yẹn kì í ṣe ìpáǹle. Wíwò lásán ni wọ́n ń wò ó.

Kí ló dé tí ojú ẹgbẹ́ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀? Erik Erikson, ẹni tí ó kọ̀wé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, sọ pé iṣẹ́ ńlá tí ó wà níwájú ọmọ ní àkókò yìí ni láti mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ọmọ Lágbájá ni wọ́n ń pè é nílé tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí ó fẹ́ jẹ́ ẹnì kan fúnra rẹ̀, ó sì nílò ẹlẹ́rìí tí yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlẹ́rìí wo ni ó tún súnmọ́ ọn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ?

Àwọn tí ń ṣòfin ìrìnnà ti lo irú ìmọ̀ yìí. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000 fi hàn pé bí awakọ̀ ọmọ ọdún 16 bá gbé èrò kan, ewu ikú rẹ̀ fi nǹkan bí 39 nínú 100 ju ti ìgbà tí ó dá wakọ̀ lọ. Bí ó bá gbé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Níú Sílándì ti ń dín èrò tí awakọ̀ tuntun lè gbé kù láti ọdún 1987, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọn kò dúró de ìgbà tí ọpọlọ yóò gbó. Àwọn èrò ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní ọdún 2016, àwọn ará Temple yìí fi ẹnì kan tí ó dàgbà díẹ̀, ọmọ ọdún 25 sí 30, sáàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 sí 22. Ewu tí wọ́n dáwọ́ lé padà sí bí ẹni pé olúkúlùkù wọn dá wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé àgbà ibí yìí kì í ṣe arúgbó. Olùkọ́ tí ó fẹ́ kó kíláàsì lọ sí ibi omi lè fi ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, dípò kí gbogbo àgbà jókòó sábẹ́ igi lọ́tọ̀.

Eré kọ̀mpútà kì í ṣe títì gidi, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó rí bákan náà. Ìwádìí kan ní ọdún 2018 kárí orílẹ̀-èdè 11, Kẹ́ńyà wà nínú wọn, rí i pé ìfẹ́ ohun amóríyá ń ga jù ní nǹkan bí ọdún 19, ṣùgbọ́n bí ó ti ga tó yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀. A kò bi ọmọ Nàìjíríà kankan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣe ohun tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè àwọn tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá dárúkọ ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ohun tí a ti ń sọ bọ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni, tí ó ṣe é ní kọ̀rọ̀, tí ó sì ti ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kì í ṣe ọ̀ràn ẹgbẹ́ mọ́. Ẹ wádìí bóyá ìbànújẹ́ ni, tàbí oògùn, tàbí ẹnì kan tí ó ń dẹ́rù bà á, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.