Ẹja Ugbónlá nínú àpẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn ọdún: Ìṣirò ni kó ṣáájú ímeèlì

Bí ọdún bá ti ń kógbá sílé, àwọn iléeṣẹ́ a máa wá ẹ̀bùn tí wọn yóò fún òṣìṣẹ́ wọn. Oníṣòwò Ugbónlá, ní etíkun Ìlàjẹ, lè fi ímeèlì polówó ẹja gbígbẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n kó tó kọ iye owó sí i, kó rántí pé omi ló pọ̀ jù nínú ẹja tútù.

Ká ní iléeṣẹ́ kan fẹ́ àpẹ̀rẹ̀ 100, kí ìdajì kílò ẹja wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò 50 ẹja gbígbẹ nìyẹn. Kílò 100 ẹja tútù kì í sábà ju 30 lọ tó bá gbẹ dáadáa. Èyí já sí pé yóò ra nǹkan bí kílò 170, láì ka ìfun ẹja mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi owó kílò 50 ẹja tútù ṣírò ti jẹ gbèsè kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sí Igbókòdá.

Nítorí náà, kí ímeèlì sọ ìwọ̀n ẹja, iye àpẹ̀rẹ̀ tó kéré jù, owó ọkọ̀, ọjọ́ tí ọjà yóò dé àti ọjọ́ tí iye owó náà yóò parí. Kí àsansílẹ̀ sì tó owó ẹja àti igi ìdáná.

Ẹja tó bá ń tẹ̀ dípò kó dá kò tíì gbẹ. Tí wọ́n bá dì í ní gbígbóná, omi á sé sínú ọ̀rá, ẹja á sì bu. Oúnjẹ tí wọ́n dì fún títà tún gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC.