Ìròpọ̀ ni àbí ìyọkúrò?

Ọmọ iléèwé kan ya fọ́tò ìbéèrè ìṣirò, ó fi ránṣẹ́ sí tísà tó ń kọ́ ọ ní lẹ́sìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo èyí.” Fọ́tò náà rí bàìbàì, síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣeé kà, torí bí lẹ́tà kan bá ṣókùnkùn, ìyókù á jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà àti àmì kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó hàn lójú tísà nìyí, pẹ̀lú àṣẹ pé kó wá iye x:

x² − 5x − 6 = 0

Bó bá jẹ́ bó ṣe rí nìyẹn, 6 àti −1 ni ìdáhùn. Bó bá jẹ́ ìròpọ̀ ló wà ṣáájú 6, ó di 2 àti 3. Àwọn kan á ní kó wo ìdáhùn A dé D tó wà nísàlẹ̀, èyí tó bá bá a mu ni kó mú. Èmi ò fara mọ́ ọn. Àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ṣe ni olùṣètò ìdánwò fi ń ṣe ìdáhùn tí kò tọ̀nà, àṣìkà àmì sì wà lára wọn. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn méjèèjì jókòó síbẹ̀.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ lè tú àṣírí. Bí ọwọ́ ayàwòrán bá mì sọ́tùn-ún sósì, ìlà tó dúró á fẹ̀, á sì ṣá mọ́ bébà lára. Èyí tó dùbúlẹ̀ á ṣì hàn. Ìlà méjèèjì ló sì para pọ̀ di àmì ìròpọ̀. Bí èyí tó dúró bá ti ṣá, ìyọkúrò la ó rò pé a rí. Kí tísà wo l, i àti 1 níbòmíràn nínú fọ́tò náà: bí wọ́n bá ti ṣá, kó má gba ìyọkúrò kankan gbọ́. Kó má sì fìka méjì fẹ fọ́tò náà títí, bàìbàì yẹn náà ló ń fẹ̀ sí i.

Ohun tó kù ni kó ṣe ìṣirò náà lọ́nà méjèèjì. Ká ní àròpọ̀ iye x méjèèjì ni wọ́n béèrè, 2 àti 3 jẹ́ 5, 6 àti −1 náà jẹ́ 5. Kó dáhùn, àmì yẹn kò lè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n iye x fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó wá, ọ̀nà méjèèjì kò sì bára mu, nítorí náà kó dúró.

Kó má kàn ní “tún un yà” o. Kó béèrè pé: “Kí ló wà láàárín 5x àti 6 nínú ìwé rẹ?” Ọmọ á wo ìwé, á sì fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá pọn dandan kó tún un yà, kó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, kó sì fi ránṣẹ́ láti ibi tí wọ́n kọ Document sí lórí Wáásáàpù, torí bí a bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, Wáásáàpù á fún un kó lè fúyẹ́, àwọn àmì kéékèèké ló sì kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀.