Ṣé o mọ̀? Fọ́tò lè tú àṣírí iná, ó sì lè purọ́

Ọmọ ilé-ìwé ní Alákijà tó fi fóònù ya àwòrán iná inú ìwé fisíìsì, ibi tí wáyà ti pàdé ni kó wò, kì í ṣe bí wọ́n ṣe to rẹsísítọ̀. Méjì tí orí àti ìdí wọn jọ pàdé, ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n.

Ká ní bátìrì fóltì 12 ni, tí óòmù 2 ṣáájú óòmù 3 àti 6 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn méjì yìí di 3×6/(3+6) = óòmù 2. Àpapọ̀ di 4, kọ́rẹ́ǹtì sì jẹ́ 12/4 = áńpíà 3. Óòmù 2 àkọ́kọ́ gba fóltì 6. Fóltì 6 tó kù fún óòmù 3 ní áńpíà 2, ó fún 6 ní áńpíà 1.

2 àti 1 pé 3 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí fọ́tò bá ti pa kókó dúdú tó so wáyà pọ̀ rẹ́, ìṣirò á bára mu, ìdáhùn á sì kùnà.