Nọ́ḿbà Àṣírí Tí Wọ́n Ń Tà

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a ní tẹ́tẹ́ kan tí à ń pè ní Lọ́tò 5/90. Bọ́ọ̀lù 90 ni ó wà nínú ẹ̀rọ, a sì kọ nọ́ḿbà kan sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 90. Ẹ̀rọ yóò pò wọ́n pọ̀, bọ́ọ̀lù márùn-ún yóò sì jáde. Bí ẹ bá mú nọ́ḿbà méjì, tí méjèèjì sì wà nínú márùn-ún náà, ẹ jẹ.

Ẹnì kan lè pè yín lórí fóònù ní Kèrè níhìn-ín. Yóò ní òun ní ètò kan nínú fóònù tí ó ń mọ nọ́ḿbà tí yóò jáde lọ́la. Yóò fi tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tí ó ti jẹ hàn yín, yóò sì ní kí ẹ fi 1,000 fránkì ránṣẹ́.

Báwo ni ó ṣe rí àwọn tí ó jẹ? Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó. Nínú nọ́ḿbà 90, ọ̀nà 4,005 ni a lè gbà mú méjì. Nínú márùn-ún tí ó jáde, ọ̀nà 10 péré ni a lè gbà mú méjì. Nítorí náà, nínú bíi 400 ènìyàn, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jẹ.

Ká ní ọkùnrin náà fún 800 ènìyàn ní nọ́ḿbà méjì-méjì, tí ti oníkálukú yàtọ̀. Ó gba 800,000 fránkì. Bí ẹni méjì yóò jẹ láìsí àṣírí kankan. Àwọn wọ̀nyí ni yóò máa pariwo orúkọ rẹ̀ káàkiri. Ojú ń ti àwọn tó kù, wọ́n dákẹ́.

Àwọn mìíràn ní ètò wọn ń ka nọ́ḿbà tí ó ti pẹ́ tí kò jáde, pé àkókò rẹ̀ ti tó. Irọ́ ni. Bọ́ọ̀lù kò ní iyè. Kò mọ̀ bóyá òun jáde lánàá.

Bí nọ́ḿbà náà bá kùnà, ẹni náà yóò ní ẹ ṣẹ èèwọ̀, tàbí kí ẹ san 5,000 fún èyí tó lágbára jù. Bí ó bá tilẹ̀ ní kí ẹ san lẹ́yìn tí ẹ bá jẹ, ọgbọ́n kan náà ni: ọ̀dọ̀ àwọn tí orí bá ṣe ní oore nìkan ni yóò ti gba owó.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ ní kí ó kọ nọ́ḿbà fún ìgbà mẹ́wàá tí ń bọ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ fi ìwé náà pamọ́. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ ó rí i pé kò ní gbà.

Ìbéèrè
1. Bọ́ọ̀lù mélòó ni ó ń jáde?
2. Kí ló dé tí a kò fi ń gbọ́ ohùn àwọn tí kò jẹ?
3. Bí ẹni náà bá tà á fún 1,200 ènìyàn, bí ẹni mélòó ni yóò jẹ?