Ser àti estar: ẹ fi "ti" inú Yorùbá dán an wò

Ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ ní èdè Sípáníìṣì fẹ́ bá mi jáde lọ́jọ́ kan. Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà títí, mo wá fi Sípáníìṣì bi í pé ṣé ó ti ṣe tán. Ó dáhùn láti inú yàrá pé, "Sí, soy listo." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun ti múra tán. Ohun tó sọ jáde lẹ́nu ni pé òun gbọ́n. "Estoy listo" ló yẹ kó sọ. Listo kan náà ni; ọ̀rọ̀ ìṣe tó ṣíwájú rẹ̀ ló yí i padà. Soy ti ara ser wá, estoy sì jẹ́ ti estar.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́ èèyàn ni pé ser wà fún ohun tí kì í yí padà, pé estar wà fún ohun tí kò ní pẹ́ kọjá lọ. Òfin yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹni tó bá kú kò ní jí mọ́, síbẹ̀ "Está muerto" ni wọ́n ń sọ. Hàfánà kò ní ṣí kúrò ní Kúbà, síbẹ̀ "La Habana está en Cuba" ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe tán nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n "Es estudiante" ni.

Ó dùn mí pé a ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní òfin yìí, nígbà tó jẹ́ pé èdè tirẹ̀ ti pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì fún un. A kì í sọ pé "mo wà olùkọ́." Olùkọ́ ni mí, tàbí mo jẹ́ olùkọ́: ser nìyẹn. Mo wà nílé: estar nìyẹn. Inú stare èdè Látìn ni estar ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí nǹkan dúró. Ibi tí nǹkan dúró sí, àti bó ṣe dúró, ni estar ń sọ.

Ti ayẹyẹ nìkan ló máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. "El examen es en el aula tres": yàrá kẹta ni ìdánwò náà. "El examen está en la mesa": ìwé ìdánwò náà wà lórí tábìlì. Ẹ gbọ́ bí Yorùbá ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí a ń ṣe gba "ni", ohun tí a lè gbé gba "wà". Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń béèrè pé "Níbo ni ìnáwó yẹn?", àmọ́ tó bá kan ilé, "Níbo ni ilé yẹn wà?"

Ní ti ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ẹ fi "ti" dán an wò. Bí "ti" tàbí "kò tíì" bá bọ́ sí i wẹ́kú, estar ló sábà máa ń jẹ́. Ó ti kú, está muerto. Ó ti fọ́, está roto. Ó ti ṣe tán, está listo. Bí àbúrò ìyá bá rí ọmọ tó ti tó ọdún méjì tí kò rí i, yóò ní, "¡Qué alto está!" Ó mà ti ga o! Bí ó bá kàn ń júwe ọmọ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, "Es alto" ni yóò sọ.

Ẹ wo máńgòrò. Oríṣi kan wà tí èèpo rẹ̀ kì í pọ́n, kódà bó bá rọ̀ tán. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún oníbàárà pé, "Es verde, pero no está verde." Aláwọ̀ ewé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò tíì pọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ló lò lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ta ko ara rẹ̀.

Ìdánwò "ti" yìí kò dé ibi gbogbo. Bí aago àti àkókò bá délẹ̀, ser ni: ilẹ̀ ti ṣú, ó ti pẹ́, síbẹ̀ "Es tarde" ni. Ọbẹ̀ tó dùn kò gba "ti", síbẹ̀ "La sopa está rica" ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ ọ wò ń sọ, torí bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń wí. Marta tó lówó lọ́wọ́ ní tirẹ̀, "es rica". "Wà" pàápàá ní ibi tó ti lè tan yín: bí ẹ bá fẹ́ sọ pé omi wà, "Hay agua" ni, kì í ṣe estar.

Bí wọ́n bá sì kí yín pé "¿Cómo está?", "Estoy bien" ni kí ẹ fi dáhùn. Ẹ má sọ pé "Estoy bueno", nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ ń fi ẹwà ara yín yangàn.