Àláàtì Tí Kọ̀ǹpútà Ń Gbà: Bí Ṣọ́ọ̀bù Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Mọ Òótọ́ Yàtọ̀ sí Irọ́

Kò sí oníṣòwò ní ilẹ̀ wa tí kò tíì gbọ́ nípa féèkì àláàtì. Oníbàárà á ra ọjà, á tẹ fóònù rẹ̀, á ní òun ti san owó. Fóònù ọlọ́jà náà á dún, àtẹ̀jíṣẹ́ á sọ pé owó ti wọlé. Ìgbà tí oníbàárà bá ti gbé ẹrù lọ tán ni ọlọ́jà á tó wo àkáǹtì rẹ̀, tí kò ní bá kọ́bọ̀ níbẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í fi í jẹ́ kí ẹrù kúrò níwájú wọn títí wọn á fi rí owó náà nínú àkáǹtì fúnra wọn.

Ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ń gba àláàtì, àmọ́ kò sí ènìyàn níbẹ̀ tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà ló ń kà á, kọ̀ǹpútà náà ló sì ń pàṣẹ pé kí wọ́n di ẹrù. Wẹ́ẹ̀bùhúùkù ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe irú àláàtì yìí, orúkọ tí Jeff Lindsay fún un ní ọdún 2007. Ẹ jẹ́ ká fi Paystack ṣe àpẹẹrẹ, ilé iṣẹ́ ìsanwó tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015, tí Stripe sì rà ní ọdún 2020.

Bí oníbàárà bá fi káàdì tàbí tìráńsífà sanwó, ojú ìwé ìsanwó sábà máa ń dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ yẹn kò ṣeé gbára lé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já, bátìrì lè kú, oníbàárà sì lè pa ojú ìwé náà dé ní kété tó rí i pé owó ti lọ. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà Paystack fi máa ń kàn sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tààrà, tí á sọ fún un pé owó ti wọlé.

Ká ní ìyá kan ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ra aṣọ ẹgbẹ̀rún méjìlá àbọ̀ náírà. Èyí ni díẹ̀ lára ohun tí yóò wà nínú àláàtì tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa gbà:

```json
{
  "event": "charge.success",
  "data": {
    "reference": "ADR-4471",
    "amount": 1250000,
    "currency": "NGN"
  }
}
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé ìsanwó náà yọrí. `ADR-4471` ni nọ́ńbà tí a fi dá ìsanwó yìí mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó, nítorí náà 1250000 jẹ́ 12,500 náírà.

Ewu ibẹ̀ kò pamọ́. Àdírẹ́sì tí àláàtì yìí ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Paystack kò ní rí ọ̀nà débẹ̀. Bí Paystack bá sì lè débẹ̀, olè náà lè débẹ̀. Bí àláàtì ṣe rí kì í ṣe àṣírí, ó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí gbogbo ènìyàn lè kà. Olè kan lè paṣẹ aṣọ láìsanwó, kó fúnra rẹ̀ kọ àláàtì bí èyí tó wà lókè, kó sì fi ránṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà ìyá aláàdìrẹ bá ń gba ohun gbogbo gbọ́, aṣọ ti lọ nìyẹn.

Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń dènà èyí. Nígbà tí ìyá náà forúkọ sílẹ̀, Paystack fún un ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan, àwọn méjèèjì nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Kí àláàtì tó kúrò lọ́dọ̀ Paystack, kọ̀ǹpútà wọn á po gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní HMAC, èyí tí Mihir Bellare, Ran Canetti àti Hugo Krawczyk gbé jáde ní ọdún 1996. Ohun tó máa jáde ni òǹtẹ̀ kan tó gùn tó lẹ́tà àti nọ́ńbà 128. Wọ́n á fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú àláàtì náà lábẹ́ orúkọ `x-paystack-signature`. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ẹyọ kọ́mà kan padà nínú àláàtì, òǹtẹ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá. Kò sì sí ẹni tó lè ti ara òǹtẹ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí àláàtì bá dé, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù á fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣe ìṣirò kan náà:

```js
const onte = crypto
  .createHmac('sha512', secret)
  .update(rawBody)
  .digest('hex');
```

Á wá fi òǹtẹ̀ tó ṣe wé èyí tó bá àláàtì wá. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹni tó mọ kọ́kọ́rọ́ náà ló kọ àláàtì, kò sì sẹ́ni tó yí i padà lójú ọ̀nà. Bí wọn kò bá dọ́gba, kó kọ̀ ọ́, kó má ṣe ohunkóhun lórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni `rawBody` yẹn. Ó túmọ̀ sí àláàtì gan-an bó ṣe dé, láìfọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà máa ń tú àláàtì sí wẹ́wẹ́ kó lè rọrùn láti kà, lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń kọ kóòdù á tún un tò kó tó ṣe ìṣirò òǹtẹ̀. Àtúntò yẹn kì í fìgbà gbogbo rí bíi ti àkọ́kọ́. Àmì kan wà tí a fi ń mọ̀ ọ́n: ọ̀pọ̀ àláàtì á kọjá, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ á máa kùnà láìsí ìdí tó hàn. Bí a bá wò wọ́n dáadáa, a lè rí i pé orúkọ tó ní àmì ni wọ́n gbé dání. Bí orúkọ bíi Tọ́pẹ́ bá dé pẹ̀lú ọ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, tí èdè PHP wá tún un tò, PHP lè kọ ọ yẹn gẹ́gẹ́ bí `\u1ecd`. Ìtumọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti yí padà, òǹtẹ̀ náà sì ti yàtọ̀. Ẹni tó sanwó lóòótọ́ ni wọ́n á lé padà bí olè. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo àláàtì pátá ló ń kùnà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ìdánwò, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sk_test_`, ni wọ́n fi sí ibi tó yẹ kí `sk_live_` wà.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń dúró síbí yìí, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí o. Òǹtẹ̀ ń sọ ẹni tó sọ̀rọ̀, kò sọ bóyá a ti ṣe ohun tó wí tẹ́lẹ̀.

Paystack ń retí pé kí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù dá òun lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà 200, tó túmọ̀ sí pé mo ti gbọ́. Bí kò bá rí ìdáhùn yẹn, á tún àláàtì náà fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta fún ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí di wákàtí 72. Kò sí àṣìṣe nínú èyí. Ẹni tó ránṣẹ́ tí kò gbọ́ èsì kò lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà kò dé ni, tàbí pé ó dé tí èsì rẹ̀ sọnù lọ́nà. Bó bá dákẹ́, owó oníbàárà lè wọlé kí ṣọ́ọ̀bù má mọ̀ láéláé. Ó sàn kó tún un sọ.

Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, àláàtì `ADR-4471` dé. Òǹtẹ̀ rẹ̀ péye. Kọ̀ǹpútà ìyá aláàdìrẹ pàṣẹ kí wọ́n di aṣọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi íméèlì ránṣẹ́ sí oníbàárà kó tó dá Paystack lóhùn. Íméèlì falẹ̀, ìdáhùn kò sì yá. Nígbà tó di agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, àláàtì kan náà tún dé. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì péye, nítorí Paystack gan-an ló fi í ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tún pàṣẹ kí wọ́n di aṣọ. Owó ẹyọ kan, aṣọ méjì. Bó bá jẹ́ ètò tí ènìyàn ń fi owó pamọ́ sí ni, 12,500 náírà á di 25,000 lójú rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀. Gbogbo àláàtì tí a bá ti ṣiṣẹ́ lé lórí gbọ́dọ̀ ní ìlà kan nínú dátàbéèsì, kí dátàbéèsì náà sì ní òfin pé ìlà méjì kò gbọ́dọ̀ jọra. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè bóyá ìlà náà ti wà kí ẹ tó kọ ọ́. Bí àláàtì méjì bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì á béèrè, wọ́n á gbọ́ pé kò sí níbẹ̀, wọ́n á sì jọ wọlé. Kíkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí dátàbéèsì fúnra rẹ̀ kọ èkejì:

```sql
INSERT INTO alaati (event, reference)
VALUES ('charge.success', 'ADR-4471')
ON CONFLICT (event, reference) DO NOTHING;
```

Bí ìlà tuntun bá wọlé, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá sí ìlà tó wọlé, àláàtì àtijọ́ ni. Ẹ ṣáà dá Paystack lóhùn pẹ̀lú 200, torí bí ẹ bá bá a wí pé ó tún un sọ, á tún padà wá. Orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ wà pẹ̀lú nọ́ńbà ìsanwó nínú òfin yìí nítorí pé ìsanwó kan ṣoṣo lè ní ju ìṣẹ̀lẹ̀ kan lọ. Bí wọ́n bá dá owó padà lẹ́yìn náà, àláàtì míì nìyẹn, kò sì yẹ kí ti àkọ́kọ́ dí i lọ́nà.

Ohun kan tún wà tó gba ìṣọ́ra. Kíkọ ìlà yìí àti sísàmì sí i pé aṣọ ti di sísan gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú dátàbéèsì, kí méjèèjì jọ yọrí tàbí kí méjèèjì jọ kùnà. Bí ìlà bá wọlé tán tí iná wá lọ kí àmì tó wọlé, àláàtì tó máa padà wá ni a máa kà sí àtijọ́, oníbàárà á sì ti sanwó lásán. Íméèlì àti àwọn iṣẹ́ tó ń falẹ̀ lè dúró di ẹ̀yìn ìdáhùn.

Kí wọ́n tó di aṣọ, kọ̀ǹpútà tún gbọ́dọ̀ fi `amount` àti `currency` wé iye tó wà lára ohun tí oníbàárà rà. Àláàtì tòótọ́ lè gbé owó tó kéré dé bí oníbàárà bá rí ọ̀nà yí iye padà lójú ìwé tirẹ̀. Bí àláàtì kò bá sì dé rárá, ṣọ́ọ̀bù lè béèrè lọ́wọ́ Paystack fúnra rẹ̀:

```
GET https://api.paystack.co/transaction/verify/ADR-4471
```

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù báyìí lè ní kí ẹni tó bá a kọ ọ́ dán nǹkan mẹ́ta wò lójú òun. Kó fi àláàtì kan tí òǹtẹ̀ rẹ̀ péye ránṣẹ́: ọjà kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ di sísan. Kó tún àláàtì yẹn gan-an fi ránṣẹ́: ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 200, ọjà náà sì gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Kó wá yí nọ́ńbà kan padà nínú rẹ̀ láìyí òǹtẹ̀: kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, ẹ má tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù náà.