Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Wá Ìfẹ́ Gidi, Tówó Ò Tíì Sí Lọ́wọ́ Rẹ̀

Kí áàpù ìfẹ́ tó dé, alárinà ni ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fẹ́yàwó tàbí lọ́kọ máa ń gbé ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́. Alárinà mọ ilé méjèèjì. Ó mọ ìdílé tó jẹ gbèsè, ó mọ ibi tí àìsàn kan ti ń bá wọn jà, ó sì mọ̀ bóyá ọmọkùnrin náà ti ṣe tán àbí eré ló ń bá kiri. Lórí Tinder, Bumble tàbí Badoo lónìí, kò sẹ́ni tó mọ ilé ẹnikẹ́ni. Fọ́tò mélòó kan àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ téèyàn kọ nípa ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pùrófáìlì, ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ tí alárinà ń ṣe.

Lọ́dún 2012 ni Tinder bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Los Angeles, àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà ló sì ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wá ẹni tí wọ́n máa fi pa òpin ọ̀sẹ̀ rẹ́ náà pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá nǹkan gidi, tó jẹ́ pé owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yìí ló kù sí i lọ́wọ́, ní láti kọ pùrófáìlì tí yóò jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe tirẹ̀ kọjá lọ, kí ẹni tó ń wá irú rẹ̀ sì dúró. Púpọ̀ nínú wọn ló ń kọ èyí tó ń ṣe òdìkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún kan tó wà ní ọdún àṣekágbá ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ọ̀gbìn ló ń kọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìṣirò, ibẹ̀ lowó tó ń ná ti ń wá. Ohun tí irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ rèé:

"Ọmọ Ọlọ́run ni mí. Mo láàánú, mo nífẹ̀ẹ́, mo sì fẹ́ràn ìgbádùn. Mi ò fẹ́ aláfọwọ́fà, mi ò fẹ́ oníwàhálà. Tó o bá fẹ́ mọ̀ sí i, béèrè."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sí ọmọkùnrin yìí náà níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè sọ pé àwọn láàánú. Ọ̀rọ̀ "mi ò fẹ́" méjèèjì ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé ẹnì kan ti ṣẹ̀ ẹ́ rí, inú sì ń bí i. Ní ti "béèrè", iṣẹ́ tó yẹ kóun fúnra rẹ̀ ṣe ló gbé lé àjèjì lọ́wọ́. Ẹ wá wo irú èyí tí mo rò pé ó yẹ kó kọ:

"Ìbàdàn ni mo wà, ọdún àṣekágbá, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo mọ ẹ̀wà sè dáadáa. Mò ń wá ẹni tá a máa fara balẹ̀ mọ ara wa, tó bá wọ̀, ká jẹ́ káwọn òbí mọ̀ lẹ́yìn tí mo bá sìnlú tán. Owó ò tíì pọ̀: ìrìn àti bọ́ọ̀lì ni ìjáde wa àkọ́kọ́. AS ni mí. Kí nìwọ máa ń fi Sátidé rẹ ṣe?"

Lẹ́tà 500 ni Tinder fàyè gbà fún ọ̀rọ̀ yìí, Bumble sì fàyè gba 300, nítorí náà gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí tó wúwo jù nínú wọn ni ti ìsìnlú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé téèyàn bá ti ní òun ń wá nǹkan gidi, ìgbéyàwó ọdún yìí ló ń wí, ìyẹn ló fi ń bà wọ́n lẹ́rù láti kọ ọ́. Ẹlòmíràn á kọ ọ́, kò ní sọ ìgbà, ẹni tó ń kà á á wá máa rò pé ẹ̀tàn ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí kò lè gbọ́ bùkátà ilé. Ìgbà ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin wa máa parí ẹ̀kọ́, á ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òbí á wọlé. Obìnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dún yìí á rí i pé kì í ṣe òun lò ń wá, á sì kọjá láìsí ìbínú. Èyí tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ á rí ètò tóun náà lè bá rìn.

Áàpù fúnra rẹ̀ ní ibi téèyàn ti ń sọ ohun tó ń wá. Lórí Tinder, ẹ lè yan `Long-term partner`, èyí tó túmọ̀ sí alábàákẹ́gbẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Ẹ yàn án, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Bíntín ni èèyàn kan fi ń tẹ̀ ẹ́, àwọn tí kò nítumọ̀ lọ́kàn náà ń tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn tó dárúkọ ìsìnlú àti òbí ṣòroó kọ fún ẹni tó ń ṣeré.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kéèyàn yá mọ́tò ọ̀rẹ́ ya fọ́tò, tàbí kó dúró níwájú òtẹ́ẹ̀lì tí kò wọ̀ rí. Ẹni tí fọ́tò yẹn bá fà wá ń retí mọ́tò, ìjáde àkọ́kọ́ ni yóò sì tú àṣírí. Èkejì ni kéèyàn máa ráhùn pé òun kò ní kọ́bọ̀, èyí tó ń dà bí ẹni tó ń tọrọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ irú ìjáde téèyàn lágbára rẹ̀ tó. Ó sọ òtítọ́ owó, ó sì pe ẹlòmíràn síbi kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ìdí fún akẹ́kọ̀ọ́ láti sanwó fún Tinder Gold tàbí irú rẹ̀. Ohun tí owó yẹn ń rà ni kí ojú púpọ̀ sí i rí pùrófáìlì, kí èèyàn sì lè yan ọ̀pọ̀ ẹni lóòjọ́. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò bá dáa, àwọn tó máa kọjá lọ ló kàn ń pọ̀ sí i.

Fọ́tò mẹ́rin tó. Fóònù tẹ́ ẹ ní náà ló máa yà á, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà, torí ọ̀rá ìka ló sábà máa ń mú kí fọ́tò ṣú. Ẹ kọjú sí fèrèsé tàbí kí ẹ dúró síta láàárọ̀ kí oòrùn tó le. Tẹ́ ẹ bá kọ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, ojú á dúdú. Ọ̀kan kó fi ojú hàn gedegbe láìsí fílítà, ọ̀kan kó fi gbogbo ara hàn, kí méjì tó kù fi yín hàn níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe nǹkan tẹ́ ẹ kọ. Ọmọkùnrin wa lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìkọ̀wé, kó sì tún wà nídìí ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má fi ojú àwọn ọmọ tó ń kọ́ síbẹ̀. Kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, káàdì ìdánimọ̀ àti orúkọ ilé tó ń gbé nínú ọgbà má hàn nínú èyíkéyìí. Orúkọ ìlú ti tó fún àjèjì.

Lẹ́tà méjì tó kọ síbẹ̀, AS, máa ya àwọn kan lẹ́nu. Èmi fara mọ́ ọn. Bí AS méjì bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá mẹ́rin kan ewu pé ọmọ yóò jẹ́ SS, tó túmọ̀ sí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó sàn kéèyàn mọ̀ kí ọkàn tó fà mọ́ra ju kó wá sunkún lẹ́yìn ọdún méjì. Kó má gbára lé èsì tí wọ́n fún un ní kékeré. Kó tún un ṣe, kó sì ṣe é ní ilé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí àṣìṣe máa ń wà. Ẹni tó jẹ́ SS kò jẹ gbogbo ayé ní ìròyìn ara rẹ̀. Onítọ̀hún lè dúró di ìgbà tí òun àti ẹnì kan bá ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé pùrófáìlì náà ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo ohun tí àwọn tó ń kọ̀wé wá ń sọ. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá dáhùn ìbéèrè Sátidé, tàbí tí wọ́n bèèrè nípa ẹ̀wà, ó túmọ̀ sí pé wọ́n kà á. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, tó jẹ́ pé "o rẹwà" àti "báwo ni" nìkan ló ń dé, ojú ni wọ́n ń wò. Ẹ yí gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìbéèrè ìparí padà, kí ẹ má fọwọ́ kan ìyókù, kí ẹ lè mọ ohun tó fa àyípadà. Ẹni tó jẹ́ pé òru nìkan ló ń rántí yín, tí kì í dáhùn bẹ́ ẹ bá dárúkọ ọ̀la, ti sọ ohun tó ń wá.

Ẹni tó bá bèèrè owó ọkọ̀ kó tó wá, ẹ má fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti fi owó oúnjẹ wọn ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò fojú rí láé. Ẹ yan ibi tí ẹ̀yin méjèèjì lè dé pẹ̀lú owó tó wà lọ́wọ́ yín, lójú ọ̀sán, níbi tí èèyàn wà. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ọgbà Agodi dára fún ọmọ Ìbàdàn. Kí ẹ tó lọ, ẹ pe ara yín lórí fídíò, kí ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa dé fún ọ̀rẹ́ kan. Lọ́dún 2012, àwọn tí Cynthia Osokogu, akẹ́kọ̀ọ́ kan, bá pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló pa á sínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó. Nítorí náà, kì í ṣe yàrá ẹnikẹ́ni ni ìpàdé àkọ́kọ́, bó ti wù kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni owó kò ti ní jáde.

Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, tí ẹ̀yin méjèèjì gbà pé ẹ ti rí ara yín, ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Téèyàn bá yọ Tinder kúrò lórí fóònù, àkáǹtì rẹ̀ ṣì wà, àwọn mìíràn ṣì lè máa rí i, ọ̀rẹ́ olólùfẹ́ rẹ sì lè gbé e wá hàn án. Inú ètò áàpù náà ni kẹ́ ẹ wọ̀, kí ẹ tẹ `Delete Account`, kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò.